Fọ́ǹdì tó ní òun ń sẹ́ kọ́ńpìnnì burúkú kúrò, báwo ni Chevron ṣe dénú ẹ̀?

OmoIlaje_Manchester
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Mo ní ISA kan tí mo ń sọ nǹkan sí lóṣooṣù, inú fọ́ǹdì kan ló ń lọ tó jẹ́ pé orúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní "ESG Screened" nínú, ní báyìí wọ́n ti yọ ESG yẹn, tó dúró fún àyíká, àwùjọ àti ìṣàkóso, ó ku "Screened" lásán. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa ń yọ kọ́ńpìnnì tó ń ba àyíká jẹ́ àti àwọn tó ń tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn lójú mọ́lẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Parabe, ibi tí Chevron ti ń wa epo lójú òkun wa, á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣí fáìlì tí wọ́n to gbogbo ohun tó wà nínú fọ́ǹdì náà sí, Chevron ló jókòó síbẹ̀ gbàgẹ̀dẹ̀, 0.4%. Ṣé wọ́n parọ́ fún mi ni àbí èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á? Báwo lèèyàn ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí wò?

AdunniOwo
Bọ̀dá mi, irọ́ ni wọ́n pa fún yín, kò le rárá. FCA, àjọ tó ń mójú tó ọjà owó ní UK, ti ṣòfin láti 31 oṣù karùn-ún 2024 pé ẹni tó bá ń polówó ọjà owó kò gbọdọ̀ sọ ohun tó máa ṣi èèyàn lọ́nà nípa àyíká, nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún yẹn wọ́n tún gbé lébẹ́ẹ̀lì mẹ́rin jáde, Sustainability Focus, Improvers, Impact, Mixed Goals. Èyí tó bá ní lébẹ́ẹ̀lì ẹ mú un, èyí tí ò bá ní ẹ sá fún un. Tiyín ò ní, àbí? Ẹ kọ̀wé fẹjọ́ wọn sùn, ó parí.

Alhaji_Peckham
Salaam aleikum gbogbo ilé. Èmi ò mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń da ara yín láàmú, ẹ kúkú lọ sínú fọ́ǹdì halal. Ọtí ò sí níbẹ̀, tẹ́tẹ́ ò sí, ẹlẹ́dẹ̀ ò sí, báńkì tó ń gba èlé ò sí, àwọn àlùfáà tó mọ ìwé ló sì jókòó tì í. Pẹ́ńṣàn tèmi lọ́dọ̀ NEST, Sharia Fund ni mo tẹ̀, n ò wo ẹ̀yìn mọ́.

Agba_Onisiro
Alhaji, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa kọ́ nìyẹn. Epo rọ̀bì kì í ṣe haram, asẹ́ halal ò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Gbèsè tí kọ́ńpìnnì jẹ ló ń wò, owó èlé, ọtí, tẹ́tẹ́ àti irú wọn. Kọ́ńpìnnì epo tí gbèsè ẹ̀ kéré á gba inú asẹ́ yẹn kọjá wẹ́rẹ́ bí omi.

Adùnní, ìdajì òótọ́ lo sọ. Òfin FCA wà lóòótọ́, ó sì de áàpù tí ẹ̀gbọ́n fi rà á torí FCA ló fún áàpù yẹn níwèé àṣẹ. Àmọ́ lébẹ́ẹ̀lì yẹn, fọ́ǹdì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní UK ló wà fún. OmoIlaje, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ISIN fọ́ǹdì yín, nọ́ńbà gígùn tó ní lẹ́tà méjì níwájú yẹn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB, ilé ni. Tó bá jẹ́ IE, Ireland ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, púpọ̀ nínú ETF, fọ́ǹdì tí wọ́n ń tà lọ́jà bíi ṣíà, tá à ń rà níbí ló sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti Ireland ò lè gba lébẹ́ẹ̀lì FCA kódà kó máa bẹ̀bẹ̀. Nítorí náà àìní lébẹ́ẹ̀lì ò sọ ohunkóhun fún wa níbẹ̀.

Níní ẹ̀ náà ò sì sọ pé epo ò sí nínú ẹ̀ o. Ohun tí lébẹ́ẹ̀lì ń bèèrè ni pé ó kéré tán 70% owó fọ́ǹdì gbọ́dọ̀ bá ète tí fọ́ǹdì fúnra ẹ̀ kọ sílẹ̀ mu. Ète wo? Ẹ ní láti kà á. Improvers tiẹ̀ wà fún kọ́ńpìnnì tí ò tíì dáa àmọ́ tí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá dáa, ẹ wá rò ó wò bóyá ibi epo ò ní gbà wọlé.

OmoIlaje_Manchester
IE ni o! IE00 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n pa dà yìí fún mi, èmi rò pé wọ́n ń tún un ṣe ni.

Agba_Onisiro
Hmm. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdìkejì ẹ̀ ni.

Àjọ kan wà ní Yúróòpù tó ń jẹ́ ESMA, òun ló ń mójú tó ọjà ìdókòwò. Wọ́n rí i pé gbogbo fọ́ǹdì ló ń kó ESG sórí bíi fìlà, ni wọ́n bá gbé ìlànà orúkọ jáde. Ẹni tó bá fi ESG tàbí ọ̀rọ̀ àyíká sórúkọ, ó kéré tán 80% ohun tó ní gbọ́dọ̀ bá ohun tó ń sọ mu. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọdọ̀ ní kọ́ńpìnnì tí 10% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú owó tó ń wọlé fún un ń wá láti inú wíwá epo, wíwà á, fífọ̀ ọ́ tàbí pípín in. Fọ́ǹdì tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní àyè títí di 21 oṣù karùn-ún 2025.

Chevron kì í ta búrẹ́dì. Epo àti gáàsì ló ń tà, kò síbi tó fẹ́ bá yọ lábẹ́ 10% yẹn. Ọ̀nà méjì ló wá kù fún fọ́ǹdì tó ní in lọ́wọ́: kó ta Chevron àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, tàbí kó yọ ESG kúrò lórúkọ kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ti rí èyí tí tiyín yàn.

Mi ò pè é ní jìbìtì o, torí wọ́n á ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó wà nínú ímeèlì tẹ́ ẹ ò ṣí. Kódà èèyàn lè sọ pé òfin ṣiṣẹ́, orúkọ ti wá bá ìwà mu. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé "Screened" le ju "ESG Screened" lọ, òdìkejì ẹ̀ ló dì mú.

AdunniOwo
Chai. Èmi tí mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa wá lébẹ́ẹ̀lì 😩 Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, wọ́n ṣáà kọ ọ́ pé àwọn ń yọ kọ́ńpìnnì tó ń ba àyíká jẹ́, tí epo ò bá ba àyíká jẹ́ kí ló fẹ́ bà á jẹ́?

Agba_Onisiro
Ìwé ìpolówó ló kọ ìyẹn. Ìwé ìpolówó kọ́ ló ń yan kọ́ńpìnnì. Fọ́ǹdì tó ń tẹ̀ lé índẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àkójọ kọ́ńpìnnì tí wọ́n ti fi òfin yàn sílẹ̀, òfin índẹ́ẹ̀sì ló ń yan fún un, ìwé yẹn sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. OmoIlaje, orúkọ índẹ́ẹ̀sì yín á wà nínú ìwé ojú-ewé méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní KIID tàbí KID. Ẹ fi orúkọ yẹn wá ìwé tí wọ́n kọ "Methodology" sí lára. Ẹ má ka gbogbo ẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ "revenue" tàbí àmì % nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kó ohun tẹ́ ẹ bá rí wá síbí.

Iya_Ibeji_Leeds
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, ṣé owó inú irú fọ́ǹdì báyìí kì í kéré ju ti gbogbo ayé lọ? Torí àwọn ibi iṣẹ́ mi fi ìwé ránṣẹ́ pé mo lè yí pẹ́ńṣàn mi sí "ethical", mo wá ń bẹ̀rù.

Agba_Onisiro
Ìyá Ìbejì, ọdún ló ń yàtọ̀ sí ọdún. Ní 2022 ẹ̀ka epo nínú S&P 500 gòkè ju ìdajì lọ nígbà tí índẹ́ẹ̀sì náà, ti àwọn kọ́ńpìnnì ńláńlá Amẹ́ríkà, lápapọ̀ lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 19%, ẹni tí ò ní epo rárá jẹ ìyà lọ́dún yẹn. Àwọn ọdún míì wà tó jẹ́ pé àwọn tí ò ní in ló rẹ́rìn-ín. N ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Mo máa padà wá sórí pẹ́ńṣàn yín, torí ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

OmoIlaje_Manchester
Mo ti rí i. Ojú mi rí nǹkan kí n tó rí i, àmọ́ mo ti rí i. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ ní kúkúrú: ẹni tó ń ṣe bọ́ǹbù oníṣùpọ̀ àti ohun ìjà olóró, wọ́n yọ ọ́ láìwo iye. Ẹni tó ń ṣe sìgá, wọ́n yọ ọ́ láìwo iye, ẹni tó kàn ń tà á, tó bá ti tó 5% nínú owó tó ń wọlé fún un. Ẹni tó ń wa èédú tí wọ́n fi ń dáná mànàmáná, 5%. Ẹni tó ń fa epo jáde nínú yanrìn, 5%. Ẹni tó bá rú ìlànà UN Global Compact, ìyẹn ìlànà UN fún àwọn kọ́ńpìnnì, wọ́n yọ ọ́. Ó tán. Epo rọ̀bì gan-an, epo tí wọ́n ń gbẹ́ nílẹ̀ àti nínú òkun, KÒ SÍ NÍBẸ̀. Mo ka a lẹ́ẹ̀kejì, kò sí níbẹ̀.

Tokunbo_Houston
Iṣẹ́ epo ni mò ń ṣe o, kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mo fi ara pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò eléyìí torí àwọn kan á sọ pé ṣebí Chevron ní epo inú yanrìn ní Kánádà. Ó ní in lóòótọ́, 20% nínú Athabasca Oil Sands Project. Ìparí 2024 ló tà á fún Canadian Natural pẹ̀lú ilẹ̀ epo Duvernay tó ní ní Kánádà náà, 6.5 bílíọ̀nù dọ́là. Chevron fúnra ẹ̀ sọ pé ohun tí òun tà yẹn lápapọ̀ ń mú nǹkan bí 84,000 àgbá wá lóòjọ́ ní 2023. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ka gbogbo ẹ̀ sí epo inú yanrìn, ká fowó tó ga, 80 dọ́là, lé àgbá kan. Owó tó wọlé fún Chevron lọ́dún yẹn tó nǹkan bí 200 bílíọ̀nù dọ́là.

```
84,000 × 365 × 80 = 2,452,800,000
2.45 ÷ 200 = 1.2%
```

Ààlà jẹ́ 5%. Kódà nígbà tí yanrìn yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Chevron, kò sún mọ́ ọn. Fún kọ́ńpìnnì tó tóbi tó báyìí, 5% túmọ̀ sí bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ́dún kí asẹ́ tó gbé e. Kọ́ńpìnnì kékeré tó ń ṣe bílíọ̀nù méjì péré, tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ yanrìn, òun ni wọ́n máa lé jáde.

Agba_Onisiro
Tòkunbọ̀, o ṣeun gan-an, bí mo ṣe fẹ́ kí ẹnì kan ṣe é gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin ará, ẹ fojú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn: ìdá nínú owó tó ń wọlé ni asẹ́ yìí ń wọ̀n, kì í wọn iye epo, kì í wọn èéfín. Ìdí nìyẹn tí kọ́ńpìnnì ràgàjì tó ń ṣe nǹkan mẹ́wàá fi máa ń bọ́ nínú ẹ̀. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe ìṣírò yẹn fún kọ́ńpìnnì yòówù, ìwé ọdọọdún wọn á sọ owó tó wọlé láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà yíyàn míì tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ju èyí lọ. Àwọn índẹ́ẹ̀sì kan ò ní ààlà sí epo rárá, wọ́n á kàn mú èyí tó sàn jù nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Oṣù karùn-ún 2022, S&P 500 ESG Index yọ Tesla tó ń ṣe mọ́tò oníbátìrì, ExxonMobil sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo ayé pariwo. Àmọ́ òfin wọn ò yẹ̀: àwọn kọ́ńpìnnì epo ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fi Exxon wé, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ni wọ́n fi Tesla wé, máàkì Tesla ò sì gòkè bíi ti ẹgbẹ́ ẹ̀ tó kù.

OmoIlaje_Manchester
Ó yé mi. Ṣùgbọ́n UN Global Compact ńkọ́? Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn wà nínú ìyẹn. Ní 1998 àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gorí pèpéle epo Chevron ní Parabe, wọ́n ní omi àwọn ti bà jẹ́, ẹja ò sí mọ́, àwọn ò rí iṣẹ́. Hẹlikóbítà tí kọ́ńpìnnì háyà ló gbé àwọn sójà débẹ̀. Èèyàn méjì kú. Ìyẹn ò tó láti rú ìlànà ni?

Agba_Onisiro
Ọ̀gbẹ́ni, mo gbọ́ ẹ, ojú mi ò sì fò ó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. UN fúnra wọn kì í sọ ẹni tó rú ìlànà. Kọ́ńpìnnì tó ń ta ìròyìn fún àwọn tó ń ṣe índẹ́ẹ̀sì, bíi MSCI tàbí Sustainalytics, àwọn ló ń gba ìròyìn jọ, wọ́n á wo ìwé ìròyìn, ẹjọ́ kóòtù, ìwé àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, wọ́n á wá fún ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì bó ṣe le tó. Ìgbà tó bá dójú ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ pé kọ́ńpìnnì kùnà. Ẹjọ́ tó bá ti pẹ́, tàbí tí kóòtù ti parí ẹ̀, máàkì ẹ̀ á máa rọ̀.

Ẹjọ́ Parabe yẹn dé kóòtù ní San Francisco, Bowoto ló ṣíwájú àwọn tó pe Chevron. Oṣù kejìlá 2008 ni àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Chevron ò jẹ̀bi, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2010. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń fún kọ́ńpìnnì ní máàkì, ohun tó máa rí nìyẹn: ẹjọ́ ti parí, wọn ò jẹ̀bi. Ohun tí Ìlàjẹ mọ̀ ò sí nínú fáìlì ẹ̀. Mi ò sọ pé ó dáa, mò ń sọ ibi tí asẹ́ yẹn ti ń gba ìròyìn ẹ̀ ni.

Tokunbo_Houston
Ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tí gbogbo fọ́ǹdì bá ta kọ́ńpìnnì epo, ta ló ń rà á? Shell ta iṣẹ́ orí ilẹ̀ tó ní ní Niger Delta fún Renaissance, oṣù kẹta 2025 ni wọ́n parí ẹ̀. Shell ṣì ń gbé ìwé ọdọọdún jáde táwọn oníṣíà lè fi bá a wí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Manchester lè lọ sí ìpàdé ẹ̀ ní London kẹ́ ẹ bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó rà á, ṣíà ẹ̀ ò sí lọ́jà, asẹ́ kankan ò lè rí i. Epo ò dín kù ní Delta, ojú tó ń wò ó ló dín kù.

AdunniOwo
Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ epo á ṣáà máa sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ojú tó ti ń wò ó láti ọdún yìí wá ló wá tún omi Ìlàjẹ ṣe?

Tokunbo_Houston
Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ní ṣíà lè dìbò, ẹni tó ti ta tiẹ̀ ò lè dìbò mọ́.

AdunniOwo
Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ló ń dìbò, ọ̀gá fọ́ǹdì ló ń bá a dì í. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń dìbò kẹ́ ẹ tó fi ìyẹn tù wá nínú.

Agba_Onisiro
Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ yín ò ní parí lálẹ́ òní. Àmọ́ Adùnní sọ nǹkan kan tó ṣeé yẹ̀ wò: àwọn ilé fọ́ǹdì ńláńlá máa ń gbé ìwé ìdìbò wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ Chevron síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n dìbò fún nígbà tí àwọn oníṣíà bá gbé ọ̀rọ̀ àyíká kalẹ̀. Tí ilé fọ́ǹdì bá sọ pé àwọn fẹ́ máa bá wọn sọ̀rọ̀ ju kí àwọn tà lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀.

OmoIlaje, ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀ torí èèyàn ò lè rí i lójú. Asẹ́ ò lè sẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. Ọsirélíà ni ẹ̀rí ẹ̀ wà. Vanguard, ilé fọ́ǹdì ńlá kan, ní fọ́ǹdì bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, kan níbẹ̀, "Ethically Conscious" wà lórúkọ ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó gbé bọ́ǹdì jáde, àwọn máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fún epo, sìgá, ohun ìjà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wá tú u wò, nǹkan bí 74% ohun tó wà nínú fọ́ǹdì yẹn, tá a bá fi owó wọ̀n ọ́n ní oṣù kejì 2021, ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Kò sí ìwádìí lórí wọn, ẹni tí kò sí ìwádìí lórí ẹ̀ ni wọ́n sì jẹ́ kó kọjá. Vanguard fúnra wọn ló lọ sọ fún ASIC, àjọ tó ń mójú tó ọjà owó níbẹ̀. Kóòtù ní wọ́n ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 12.9 dọ́là Ọsirélíà.

Ẹ wá rí i pé ti Vanguard yẹn yàtọ̀ sí tiyín. Tiyín, òfin wà nílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e, òfin ọ̀hún ni ò kan epo. Tiwọn, òfin wà, àmọ́ ìròyìn ò tó láti tẹ̀ lé e. Irú kẹta náà wà, ti Mercer, ilé pẹ́ńṣàn kan, níbẹ̀ náà: wọ́n ní kò ní sí èédú, ọtí àti tẹ́tẹ́ nínú pẹ́ńṣàn "Sustainable Plus", Heineken àti Carlsberg wà níbẹ̀, orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n san mílíọ̀nù 11.3. Irú ti Mercer yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì tó sì tẹ Ctrl+F lè rí i. Ti Vanguard, ẹ ò lè rí i àfi tẹ́ ẹ bá bèèrè.

OmoIlaje_Manchester
Báwo ni mo ṣe máa bèèrè ẹ̀? Kí n kọ kí ni?

Agba_Onisiro
Ẹ kọ ìbéèrè tí wọn ò lè fi ìwé ìpolówó dáhùn. Ẹ bi wọ́n pé nínú owó fọ́ǹdì náà, ìdá mélòó ni ẹni tó ń tà yín ní ìròyìn ti yẹ̀ wò ní ti gidi? Ẹni tí kò sí ìròyìn lórí ẹ̀, ṣé ẹ ń jẹ́ kó wọlé ni àbí ẹ ń dá a dúró síta? Tí kọ́ńpìnnì bá kùnà lónìí, ọjọ́ wo ló ń jáde? Torí ọ̀pọ̀ índẹ́ẹ̀sì, oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń tún wọn tò, ohun tẹ́ ẹ rí nínú fáìlì lónìí lè jẹ́ ohun tó ń dúró de ọjọ́ yẹn ni. Nítorí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pariwo, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí fáìlì.

Kẹ́ ẹ tún gbé fáìlì tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fọ́ǹdì ẹgbẹ́ ẹ̀ tí ò ní asẹ́ kankan. Ẹ má ka iye kọ́ńpìnnì tó jáde, ẹ ro ìwọ̀n wọn pọ̀. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ tí asẹ́ ṣe.

OmoIlaje_Manchester
Mo ti ṣe é, mo lo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú fún un, ìyàwó mi ń pè mí wá jẹun n ò dáhùn. Ohun tí wọ́n yọ ò tó 5% nínú ìwọ̀n. Gbogbo ìyókù, Nvidia, Apple, Microsoft, bó ṣe wà nínú ti asẹ́ ló ṣe wà nínú ti aláìlásẹ́, ìwọ̀n ẹ̀ kàn fẹ́ díẹ̀ ni. Mo ti fi ímeèlì ránṣẹ́ náà. Wọ́n dáhùn ti ọjọ́ ìtúntò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ti ìròyìn tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n ní "coverage" ga gan-an, wọn ò kọ nọ́ńbà. Mo ti tún padà kọ sí wọn pé nọ́ńbà ni mo bèèrè.

AdunniOwo
Ṣé ẹ máa tà á?

OmoIlaje_Manchester
Mi ò tíì mọ̀. Mo rí ọ̀kan tí òfin índẹ́ẹ̀sì ẹ̀ yọ gbogbo epo àti gáàsì, àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ lọ́dún ju èyí lọ, ọ̀rọ̀ Tòkunbọ̀ nípa Renaissance náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ nọ́ńbà yẹn ná.

Iya_Ibeji_Leeds
Ẹ̀gbọ́n Agba, ẹ ní ẹ máa padà wá sórí pẹ́ńṣàn mi o.

Agba_Onisiro
Ẹ má bínú, ìyá mi. Lébẹ́ẹ̀lì FCA ò kan pẹ́ńṣàn ibi iṣẹ́, torí náà ẹ má wulẹ̀ wá a níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn alágbàtọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní trọstíì, ló ń mójú tó o, òfin ní kí púpọ̀ nínú wọn gbé ìwé méjì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: "Statement of Investment Principles", ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nípa àyíká, àti "Implementation Statement", ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ṣe ní ti gidi lọ́dún tó kọjá, títí kan bí wọ́n ṣe dìbò. Ẹ ka ìkejì kẹ́ ẹ tó ka ìkíní. "Ethical" tí wọ́n kọ sí yín yẹn, ẹ bèèrè orúkọ índẹ́ẹ̀sì tàbí fọ́ǹdì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gan-an, torí orúkọ tí wọ́n fún un nínú pẹ́ńṣàn àti orúkọ tó ń jẹ́ níta kì í sábà dọ́gba.

Iya_Ibeji_Leeds
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wo páyìísílíìpù mi, orúkọ pẹ́ńṣàn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí trọstíì kankan. Lọ́jọ́ Ajé mo máa bi àwọn tó ń sanwó wa. Alhaji, ṣé inú NEST yín yẹn náà, wọ́n ń gbé ìwé yìí jáde?

Alhaji_Peckham
Wọ́n ń gbé e jáde o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nísinsìnyí ni. Ojú-ewé rẹ̀ pọ̀. Mo ń wá ibi tí wọ́n kọ epo sí.